Odò Tí Àmì Ìbéèrè Gbé Mì

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò gbà kí ẹnikẹ́ni gba ohùn òun sínú kásẹ́ẹ̀tì. Ọkùnrin kan ti gbà á rí nígbà tí àwa méjèèjì ṣì lágbára. Ó ní òun yóò gbé e sórí rédíò, a kò sì rí i mọ́ títí di òní. Láti ìgbà náà, bí a bá ti gbé ẹ̀rọ síwájú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ a pa dé. "Ohùn mi kì í ṣe adìẹ tí wọ́n ń há mọ́ abẹ́ agbọ̀n," ni ó máa ń wí. "Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ, kó wá jókòó sí ulé mi."

Ulé ni ó ń pe ilé, bí gbogbo wa ní apá ibí yìí ṣe ń pè é kí ilé-ìwé tó kọ́ wa ní òmíràn. Èmi ti ń sọ "ilé" láti ìgbà tí mo ti wọ yunifásítì. Òun kò kúrò ní Ìkọ̀lé rí, àfi bí ó bá lọ nájà ní Ọ̀yẹ́ tàbí tí ó lọ wo ọmọ tuntun ní Ìdó. Àlámọ̀ ni iṣẹ́ ẹnu rẹ̀, orin tí àwọn obìnrin Èkìtì máa ń dá nígbà tí wọ́n bá ń sin ìyàwó lọ, tàbí nígbà tí àgbàlagbà bá sùn. Bí ó bá dá a, àwọn tó kù á gbè é. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì ní iṣẹ́ olùkọ́ tí mo padà wálé, mo rí i pé àwọn elégbè rẹ̀ ti ń tán lọ́kọ̀ọ̀kan, bí eyín ẹnu àgbà. Ìgbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí a kọ wọ́n sílẹ̀.

Ó gbà pé kí a kọ ọ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Abuja, ló ní kí a má kọ ọ́ sínú ìwé, pé ikán Ìkọ̀lé kò mọ orin yàtọ̀ sí pákó. Nígbà tó wálé ọdún, ó ṣe ètò kékeré kan fún wa. Ojú ewé kan wà tí a óò máa tẹ orin sí, ibi ìpamọ́ kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí orin náà yóò máa wà. Ó gbé e sórí kọ̀ǹpútà obìnrin kan tó ní ìsọ̀ ìtẹ̀wé létí ibùdókọ̀, ẹni tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Kọ̀ǹpútà. Ọmọ Ìdó ni, ó fẹ́ ọkọ sí Ìkọ̀lé. Ìwé ìpè ìgbéyàwó àti ètò ìsìnkú ni ó sábà máa ń tẹ̀.

Mo fẹ́ràn àwọn ọ̀sán wọ̀nyẹn ju ọ̀pọ̀ ohun tí mo ti rí láyé. Ẹ̀gbọ́n mi á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á na ẹsẹ̀, á dá ìlà kan. Èmi á tún un wí díẹ̀díẹ̀, Ìyá Kọ̀ǹpútà á tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá yé e, kì í dá orin dúró. Á tẹ àmì ìbéèrè kan ṣoṣo sí àyè rẹ̀, á máa bá iṣẹ́ lọ. Bí orin bá parí, á tọ́ka sí àwọn àmì ìbéèrè náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n mi á sì tún wọn wí.

"Ìyá, kí lẹ wí níbí? Lẹ́yìn 'ẹsẹ̀ mi'?"

"Kúrú ni mo wí. Ulé baba mi kò jìnnà, ẹsẹ̀ mi ni ó kúrú. Ṣé etí ìwọ náà kúrú ni?"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Jẹnẹrétọ̀ ló ń pariwo."

"Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, èmi náà ń pariwo, èmi ni o kò gbọ́. Àbúrò mi, bá mi bi í léèrè, ta ló dàgbà jù nínú àwa méjèèjì?"

A óò rẹ́rìn-ín. Àmì ìbéèrè á pòórá, ọ̀rọ̀ á bọ́ sí àyè rẹ̀. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn, ó sì mọ́ wa lára. Kò sí èyí tó rò nínú wa pé ọjọ́ kan lè wà tí ẹni tí a ń bi léèrè kò ní lè dáhùn.

Ọjọ́ kan wà tí mo lọ sí Adó, nítorí wọ́n ní kí gbogbo àwa tó ti fẹ̀yìn tì wá fi ara hàn pé a ṣì wà láàyè. Àwọn méjèèjì kò dúró dè mí. Nígbà tí mo dé, ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jí ẹran jẹ nínú ìkòkò.

"A ti tẹ ọ̀nà oko yèyé láìsí ìwọ," ó ní. "Ìwọ lọ ń ṣe èmi-nìyí-mo-wà-láàyè fún àwọn ará Adó."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kò dá a fún mi rí."

"Ìgbà wo ni ìwọ bá wa lọ sóko? Ilé-ìwé ni ìwọ wà."

Òótọ́ ni. Orin tí ìyá wa fi máa ń rìn ni, láti ìlú títí dé oko wa àtijọ́ lápá Odò-Orò. Kò sí àpáta tàbí odò kan lọ́nà náà tí kì í kí ní orúkọ, òun sì fi kọ́ ẹ̀gbọ́n mi nígbà tó ń gbé agbọ̀n tẹ̀lé e. Èmi ń kọ́ orúkọ àwọn odò ilẹ̀ Yúróòpù nígbà náà, lórí ilẹ̀ símẹ́ńtì, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi dá orin náà fún mi lójú ẹsẹ̀. Ó ní ó ti rẹ òun, pé ó kúkú ti wà nínú kọ̀ǹpútà, kí n lọ kà á bí mo bá ti mọ̀wé tó. Mo ní ó di ọjọ́ mìíràn.

Ọyẹ́ ọdún yẹn le. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ dìde lórí ẹní, apá ọ̀tún rẹ̀ kò bá a dìde. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìdó, a sì gbé e padà wálé pẹ̀lú ẹ̀mí rẹ̀, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti lọ lẹ́nu rẹ̀. Etí rẹ̀ ń gbọ́, ojú rẹ̀ ń rí wa, ó sì mọ gbogbo wa. Bí ó bá la ẹnu, ohùn ni ó ń jáde, kì í ṣe ọ̀rọ̀.

Ọmọ rẹ̀ ní kí a tètè tẹ àwọn orin náà sórí ìwé, kí a sì máa kà wọ́n sí i létí, bóyá yóò mú inú rẹ̀ dùn, bóyá yóò tilẹ̀ ṣí i lẹ́nu. Tẹ́lẹ̀, a ti ní kí a má tẹ̀ ẹ́ àfi ìgbà tó bá pé, nítorí íǹkì wọ́n. Mo wọ aṣọ mi, mo gba ìsọ̀ lọ.

Nǹkan ti yí padà níbẹ̀. Iná NEPA ti wá lójijì pẹ̀lú agbára tó ju agbára lọ, ó ti jó kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà. Ṣùgbọ́n Ìyá Kọ̀ǹpútà kò jáfara. Ó ti kó àwọn orin wa sórí dísíkẹ́ẹ̀tì kí ọjọ́ náà tó dé, ó sì ti dà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà tuntun. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti fi ètò tuntun ránṣẹ́ sí i lórí síídì, èyí tó dára ju ti ìṣáájú lọ. Inú obìnrin náà ń dùn bó ti ń ṣí i fún mi.

Ojú ewé ṣí. Mo yọ gíláàsì mi, mo nù ún, mo tún wọ̀ ọ́.

Kì í ṣe Yorùbá ni mo rí. Kì í ṣe èdè kankan. Níbi tí ó yẹ kí ẹ wà, áº¹ ni mo rí. Níbi tí ṣ wà, á¹£ ni. Ọ̀rọ̀ tí kò ní ju lẹ́tà mẹ́rin lọ ti gùn bí ìrù ọ̀bọ, pẹ̀lú àmì owó ilẹ̀ òkèèrè àti ìdajì lẹ́tà tí n kò mọ orúkọ rẹ̀. Ibi tí àmì ohùn ti pọ̀ jù ni ó burú jù. Ṣe ni ó dà bí ẹni pé kọ̀ǹpútà pàápàá ti ní irú àìsàn tí ẹ̀gbọ́n mi ní.

"Kí lo ṣe sí i?"

"Bàbá, mo fi Ọlọ́run búra, n kò ṣe nǹkan kan. N kò tíì ṣí i wò láti ìgbà tí mo dà wọ́n sínú rẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣé o mọ̀ pé ohun tó wà nínú ẹ̀rọ yìí nìkan ló kù?"

Ó mọ̀ ọ́n. Ó ti wá wò ó, ó ti bù sẹ́kún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀. Mo kábàámọ̀ pé mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fóònù kò tíì dúró dáadáa ní Ìkọ̀lé nígbà náà. Àfi kí ènìyàn gun orí àpáta lẹ́yìn ilé-ìwé, kí ó kọjú sí ọ̀nà Ọ̀yẹ́. Mo gùn ún pẹ̀lú ọ̀pá mi, mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo sì ṣàlàyé ohun tí mo rí. Ó ní kí n pe ohun tó wà ní ipò ẹ fún òun, mo sì pè é bí mo ṣe lè pè é: á tó ní àmì, òdo kékeré kan tí a fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀, oókan kékeré kan.

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Kò tíì bàjẹ́. Ẹ ṣáà sọ fún un kó má fọwọ́ kan nǹkan kan. Kó má tẹ̀ ẹ́, kó má tún un ṣe, kó má tọ́jú nǹkan kan sínú rẹ̀. Mò ń bọ̀ lópin ọ̀sẹ̀."

Mo sọ̀ kalẹ̀. Ayọ̀ mú kí n gbàgbé orúnkún mi. Nígbà tí mo dé ìsọ̀, Ìyá Kọ̀ǹpútà dìde pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, òógùn wà níwájú orí rẹ̀.

"Bàbá, ẹ má ṣèyọnu mọ́! Mo ti rí ọgbọ́n sí i. Mo ń wo àwọn gbọ́ńgbọ́n yẹn, àwọn àmì játijàti tó kún inú rẹ̀, mo sì ń fi lẹ́tà gidi rọ́pò wọn. Ti ọ̀nà oko ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nítorí èmi àti Ìyá nìkan la jọ tẹ̀ ẹ́. Mo ti ṣe mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀."

"Ṣé o ti tọ́jú rẹ̀?"

"Mo ti tọ́jú gbogbo rẹ̀."

Ó ṣí orin ọ̀nà oko láti fi hàn mí. Gbogbo gbọ́ńgbọ́n ti lọ lóòótọ́. À wà, é wà, ó wà. Ṣùgbọ́n níbikíbi tí lẹ́tà tó ní àmì ìsàlẹ̀ ti yẹ kó wà, àmì ìbéèrè ló dúró síbẹ̀, ojú ewé kún fún wọn bí ojú ẹni tí ṣànpọ̀nná bá jà.

"Mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Bàbá, mo rí i lójú mi kí n tó tọ́jú rẹ̀. Ẹ, ọ, ṣ, gbogbo wọn ló pé."

Mo ní kó pa ẹ̀rọ náà, kó sì ti ìsọ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dé ní ọjọ́ Sátidé pẹ̀lú eruku ọ̀nà Ìfàkì lára rẹ̀. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀, ó di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà a jọ lọ sí ìsọ̀. Kó tó ṣe ohunkóhun, ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà nínú ibi ìpamọ́ náà sórí síídì méjì. Ó fún mi ní ọ̀kan, ó ní kí n fi sí àpò.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ sí i gan-an?" mo bi í.

"Èmi ni mo fà á, Bàbá. Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ló mọ̀. Lẹ́tà ẹ wa yìí, nọ́ńbà mẹ́ta ni wọ́n dì pọ̀ fún un. Ètò àtijọ́ máa ń kó o sínú ibi ìpamọ́ bẹ́ẹ̀, á tún kó o jáde bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè ohun tó jẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́kàn ibi ìpamọ́ náà, lẹ́tà àwọn Òyìnbó nìkan ló wà níkàáwọ́ rẹ̀, èyí tí nọ́ńbà kan ń dúró fún lẹ́tà kan. Nínú ètò tuntun tí mo fi ránṣẹ́, mo kọ ìlà kan pé kí ó máa fi UTF-8 bá ibi ìpamọ́ sọ̀rọ̀, ìyẹn ọ̀nà ìkọsílẹ̀ tó gba gbogbo èdè ayé. N kò rántí pé ibi ìpamọ́ ṣì wà lórí ti àtijọ́."

"Nítorí náà?"

"Nítorí náà ó fẹ́ ràn wá lọ́wọ́. Bí ẹni tí a fi ẹrù mẹ́ta tí a dì pọ̀ rán sí Ìfàkì, tí kò mọ̀ pé ẹrù kan ni. Ó tú u, ó so orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹrù kò sọ nù. A kàn ní láti ṣí orúkọ kúrò lára wọn, ká tún wọn dì."

Ìyá Kọ̀ǹpútà dúró lẹ́yìn wa, ó fi ọwọ́ gbá ara rẹ̀ mọ́ra. "Bọ̀ọ̀dá, èyí tí mo tún ṣe ńkọ́?"

Ọkùnrin náà yíjú sí i. "Ìyẹn yàtọ̀," ó ní. "Ẹ fún un ní ẹ gidi. Ó wo inú àpótí rẹ̀, kò ní àyè fún ẹ. Á àti à, àwọn Faransé ń lò wọ́n, ó ní àyè fún wọn. Àmọ́ ẹ, ọ, ṣ, kò mọ̀ wọ́n rí. Ó dà wọ́n nù, ó fi òkúta kan sí ipò ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òkúta náà ni àmì ìbéèrè."

"Kò sì sọ fún mi."

"Kì í sọ."

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó kọ́kọ́ yọ àwọn orin tí ọwọ́ ti kàn sọ́tọ̀, nítorí ó ní oògùn tó wo àìsàn kìíní yóò pa èkejì. Lẹ́yìn náà ó dán ìyókù wò lórí ẹ̀dà kan. Ó ṣàlàyé fún mi bí ó ti ń ṣe é, mo sì ń tẹ̀lé e bí akẹ́kọ̀ọ́. Bí òun bá kàn pàṣẹ pé kí ibi ìpamọ́ yí lẹ́tà rẹ̀ padà sí UTF-8, yóò fi ìṣọ́ra yí ìranù náà padà, ìranù yóò sì di ìlọ́po méjì. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó kọ́kọ́ sọ fún un pé ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe lẹ́tà rárá, nọ́ńbà lásán ni, kí ó má yí ohunkóhun padà. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá sọ fún un pé nọ́ńbà wọ̀nyí, UTF-8 ni wọ́n. Àṣẹ méjì péré. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó tún ojú ewé ṣí.

*Ulé baba mi kò jìnnà, ẹsẹ̀ mi ni ó kúrú.*

Gbogbo àmì wà lórí, gbogbo àmì wà nísàlẹ̀. Ìyá Kọ̀ǹpútà pariwo, ó fò sókè. Èmi jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí ẹ̀gbọ́n mi máa ń jókòó sí.

Àwọn tí ọwọ́ ti kàn ló kù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi béèrè dísíkẹ́ẹ̀tì tí obìnrin náà fi kó orin náà wá láti inú kọ̀ǹpútà àtijọ́.

"Mo ti pa ohun inú rẹ̀ rẹ́," ó ní. "Àwọn kan mú ètò ìsìnkú bàbá wọn wá, wọn kò sì ní dísíkẹ́ẹ̀tì. Mo rò pé orin ti wọlé."

Kò sẹ́ni tó bá a wí. Àwa náà ìbá rò bẹ́ẹ̀. Mo ní ká má bẹ̀rù, pé nínú àwọn orin yẹn, mo lè mọ ohun tó wà lábẹ́ òkúta kọ̀ọ̀kan. Ta ni kò lè mọ̀ pé *?m?* yóò jẹ́ ọmọ? Mo gba bírò, mo ń ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ sì ń padà bọ̀ bí ewúrẹ́ tó mọ ilé. Nígbà tí mo dé orí orin ọ̀nà oko, mo ń yọ̀. Orin tí n kò gbọ́ rí ni, mo sì wá ń kà á. Ìyá mi ń rìn níbẹ̀. Ó kí àpáta, ó kí ìrókò, ó kí odò kan, ó kí òmíràn. Mo dé ìlà tó kẹ́yìn, níbi tó ti sọ ẹrù kalẹ̀ láti mu omi:

*Mo dé odò ?, mo s? ?rù kal??.*

Mo sọ ẹrù kalẹ̀. Ìyẹn rọrùn. Ṣùgbọ́n orúkọ odò náà ńkọ́?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tẹjú mọ́ ọn. "Èyí kò yé mi," ó ní. "Òkúta kan fún lẹ́tà kan ni, bí àmì ohùn bá wà lórí rẹ̀, ó di méjì. Orúkọ kò lè jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo. Àwọn lẹ́tà tó kù dà?"

A gbọ́ tí nǹkan bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn wa. Ìyá Kọ̀ǹpútà ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ ti já lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀rọ kọ́," ó ní. "Èmi ni mo fi ìyẹn síbẹ̀. Gbọ́ńgbọ́n rẹ̀ pọ̀ jù, n kò lè mọ ohun tó jẹ́. Mo pa á rẹ́, mo fi àmì ìbéèrè síbẹ̀, kí n lè bi Ìyá léèrè."

Ó ṣe díẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó gbọ́ ohun tó sọ.

"Kí n lè bi Ìyá léèrè," ó tún un wí, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe é kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀. Mo ti rí i bó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, mo sì máa ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ ẹ́ kó rántí. Ó di ojú rẹ̀, ó gbìyànjú, omi ń jáde níbẹ̀. Ó ní òun gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré, pé Ìyá pè é fún òun lọ́rọ̀ kan lọ́rọ̀ kan, òun tẹ̀ ẹ́, ó sì kọjá lọ. Ọmọ Ìdó ni. Kí ló máa so odò oko wa mọ́ ọn lórí?

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi, mo ka àwọn orin náà sí i létí. Inú rẹ̀ dùn. Níbi tí mo bá kà dáadáa, á fi ọwọ́ òsì gbá ẹní. Níbi tí mo bá ṣì í, nínú àwọn tí mo tún ṣe, ọwọ́ náà kì í mira, èmi á padà, màá gbìyànjú òmíràn títí ọwọ́ á fi gbá ẹní. Bẹ́ẹ̀ la ṣe parí wọn. Èmi àbúrò rẹ̀ tó ka ìwé jù ní ilé wa, èmi ni mo ń ṣe ìdánwò lọ́dọ̀ rẹ̀ níkẹyìn.

Mo dé ọ̀nà oko. Ó dijú, ó ń gbá ẹní bí mo ti ń lọ, àpáta, ìrókò, odò kìíní. Nígbà tí mo dé ìlà ìkẹyìn, mo dúró.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "odò wo ni?"

Ó la ojú. Ó wò mí pẹ́. Mo rí i pé ó ń lépa rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ọrùn rẹ̀ le. Lẹ́yìn náà ohùn jáde. Kì í ṣe ọ̀rọ̀, orin ni. Ohùn kan tó wà nísàlẹ̀, òmíràn nísàlẹ̀ bákan náà, èyí tó kẹ́yìn gòkè. Ó tún un ṣe, ketekete, láìṣì í. Orúkọ odò náà ni, láìsí lẹ́tà kankan nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò ní ara orúkọ náà mọ́, kò sì ní ohùn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ohùn náà, kò ní ara.

Mo pe gbogbo odò tí mo mọ̀ lápá Odò-Orò fún un. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbá ẹní. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀, mo béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Ọ̀kan pe orúkọ kan, ohùn rẹ̀ kò bá ti ẹ̀gbọ́n mi mu. Òmíràn ní, "Bàbá, odò wo? Kòkó ni wọ́n gbìn sí ibẹ̀, omi ti lọ tipẹ́." Bàbá arúgbó kan fún mi ní orúkọ tó bá ohùn náà mu gẹ́lẹ́. Inú mi ń dùn bí mo ti ń padà bọ̀. Mo pè é sí ẹ̀gbọ́n mi létí. Ó rẹ́rìn-ín ẹ̀gbẹ́ kan, ó kọjú sí ògiri. Kì í ṣe òun.

Ó sùn kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀.

A tẹ ìwé orin náà fún ìsìnkú rẹ̀, Ìyá Kọ̀ǹpútà ló tẹ̀ ẹ́, gbogbo àmì sì pé. Nígbà tó dé orí ìlà yẹn, ó bi mí bóyá kí òun kàn kọ "mo dé odò," kí òun sì máa lọ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo ní kó fi àyè sílẹ̀. Ó ní ṣé kí òun fi àmì ìbéèrè síbẹ̀? Mo ní rárá, kí ó má fi nǹkan kan síbẹ̀.

Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ máa ń mú ìwé náà wá fún mi nígbà mìíràn pé kí n kà á fún àwọn. Mo máa ń ka ọ̀nà oko fún wọn, láti ìlú dé ìrókò, dé odò kìíní. Bí mo bá dé àyè tó ṣófo náà, mo máa ń fi imú kùn ún, méjì nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Lẹ́yìn náà mo máa ń sọ ẹrù kalẹ̀.